Láìfù ti parí, fídíò dà?

Àlùfáà á ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, àwọn èèyàn á ti máa dìde lọ síbi oúnjẹ, onífídíò náà á ti máa ká wáyà rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí fóònù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń bèèrè, àbúrò tó wà ní Kánádà ń bèèrè, ìyá àgbà tó wà ní Àkúrẹ́ tí iná ò jẹ́ kó rí nǹkan kan wò náà ń rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun bèèrè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, a ò rí fídíò yẹn mọ́ o. Ṣé ẹ ti yọ ọ́ kúrò ni?" Onífídíò á ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ló ń sọ.

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí ètò ṣe ń lọ ní láìfù lórí YouTube, bẹ́ẹ̀ náà ni odidi fídíò kan ti ń dúró nílẹ̀, tó jẹ́ pé bí ètò bá ti parí, fídíò náà ti parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni. Àkàrà ẹ̀bá títì ni láìfù: bó ṣe ń jáde nínú epo gbígbóná ni wọ́n ń kó o fún oníbàárà. Fídíò tí a ó máa wò lẹ́yìn náà dà bí àkàrà tí wọ́n ní kí ìyá alákàrà bá àwọn ṣe fún òde ńlá, tó gbọ́dọ̀ kó jọ, kó ro epo rẹ̀, kó kà á, kó tó dì í. Ibi dídì yẹn ni ìdúró wà.

Ní ibi tí ètò ti ń lọ, kámẹ́rà so mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ń lo ohun èlò bíi OBS láti fún àwòrán àti ohùn pọ̀ sínú ìṣàn kan ṣoṣo, tó ń tì gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ YouTube, àwọn kọ̀ǹpútà wọn á máa gé ìṣàn náà sí ègé kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Wọ́n á tún máa ṣe ẹ̀dà ègé kọ̀ọ̀kan ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, 1080p fún ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já fáfá, 360p tàbí 144p fún ẹni tó ń ṣọ́ dátà ná. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ yára ju bí ètò fúnra rẹ̀ ṣe ń lọ, nítorí ẹni tó ń wò ò lè dúró. Níbi tí ìyára ti jẹ́ olórí iṣẹ́, àbùjá ni wọ́n ń gbà: àwọn ègé yẹn máa ń wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí láìfù bá ti parí ni iṣẹ́ kejì ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á to àwọn ègé yẹn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ fún pọ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tó lọ́ra ṣùgbọ́n tó ń mú kí fídíò fúyẹ́. Wọ́n á ya àwọn àwòrán kéékèèké tí a ń rí bí a bá fi ìka fa ìlà pupa tó wà nísàlẹ̀ fídíò. Wọ́n á fetí sí i bóyá orin olórin kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde, èyí tó mọ́ gaara ló máa ń gbẹ̀yìn. Ètò wákàtí kan lè ti wà nílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà tí ètò wákàtí márùn-ún lè gba wákàtí púpọ̀. YouTube fúnra wọn sọ pé fídíò 4K tó gùn tó wákàtí kan lè gba wákàtí mẹ́rin kí ó tó parí lọ́dọ̀ àwọn. Fídíò tí èèyàn gbé síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ fífún pọ̀ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ìsìnkú kan n'Íbàdàn wò, lọ́jọ́ Sátidé, lásìkò tí ooru ń mú lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọ olóògbé kan wà ní Hiúsítìn, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Agogo mẹ́rin ìdájí ni ìsìn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó délé ní agogo mẹ́jọ, ìyẹn agogo méjì ọ̀sán n'Íbàdàn. Ó tẹ líǹkì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sórí WhatsApp ẹbí, ó bá wọn lẹ́nu ìdúpẹ́. Torí pé onífídíò ti tan ohun tí YouTube ń pè ní "Enable DVR", ọmọ yìí lè fa ìlà sẹ́yìn padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa wo bí wọ́n ṣe gbé pósí wọlé, nígbà tí àwọn tó kù ṣì ń wo ìdúpẹ́. Inú rẹ̀ á dùn, á rò pé fídíò ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìṣàn tí ìka rẹ̀ ń fà sẹ́yìn yìí ṣì jẹ́ àwọn ègé láìfù tí YouTube tọ́jú pamọ́ fúngbà díẹ̀.

Ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ n'Íbàdàn, onífídíò pa á. Ọmọ yìí wẹ̀, ó jẹun díẹ̀, ó padà síbi líǹkì kan náà, ohun tó bá níbẹ̀ ni "This live stream recording is not available." Ẹ̀rù á bà á. Bó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì yọ fídíò náà tàbí tì í pa, ohun tí gbólóhùn yẹn sábà ń túmọ̀ sí láàárín àwọn wákàtí àkọ́kọ́ kò ju pé wọ́n ṣì ń to ègé pọ̀. Líǹkì kò ní yí padà. Bí fídíò bá dé, ibẹ̀ náà ni yóò ti jáde, a ó sì rí "Streamed live" lábẹ́ àkọlé rẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ jáde tí àwòrán rẹ̀ rí ṣúṣù, kí ó tẹ àmì jíà tó wà lára rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ pé 360p nìkan ló wà níbẹ̀, èyí tó mọ́ kù lẹ́yìn, kámẹ́rà onífídíò kọ́ ló burú. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń bú onífídíò nítorí èyí, tí wọn ò tilẹ̀ tún un wò ní ọjọ́ kejì.

Ìyẹn ni ìdúró tó tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìdúró kan wà tí kì í ṣe ti YouTube rárá, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni pé láìfù náà ò tíì parí.

Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn. Ọ̀kan wà nínú OBS lórí kọ̀ǹpútà onífídíò, "Stop Streaming" ni wọ́n kọ sí i. Ó ń dá ìṣàn dúró láti ibi ètò. Èkejì wà lórí ojú ewé YouTube tí a ti ń darí láìfù, "End stream" ni tirẹ̀. Òun ló ń sọ fún YouTube pé a ti ṣe tán pátápátá. Bí onífídíò bá tẹ ti OBS nìkan tó sì lọ jẹ àmàlà, YouTube á rí i pé ìṣàn dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ètò ló parí ni tàbí iná ló lọ. Yóò dúró dè é. Àmì rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó bá ṣí líǹkì á ṣì rí "LIVE" lára fídíò, òbírí kékeré á máa yí po, kò sì ní sí àwòrán. Bí a bá rí èyí ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí òkú ti wọ ilẹ̀, kí a yáa pe onífídíò pé kó lọ tẹ bọ́tìnnì kejì. Ìdúró tí à ń dúró de fídíò kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

YouTube ní ohun kan tó lè bá a tẹ̀ ẹ́. "Enable Auto-stop" ni. Bó bá wà ní títàn, tí ìṣàn sì dáwọ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, YouTube á pa láìfù náà fúnra rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó máa ń gbàgbé. Àmọ́ ní ilé wa níbí, ó lè ṣe ibi tó pọ̀ ju oore rẹ̀ lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú ní ààrin ìwàásù, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá epo sí i, YouTube á ti pa ètò náà. Bí iná bá dé tí onífídíò tún bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ láìfù tuntun pẹ̀lú líǹkì tuntun ni yóò jẹ́. Ẹni tó wà ní Hiúsítìn á wá máa dúró de ìdajì kejì lórí líǹkì àkọ́kọ́, níbi tí kò ní dé sí láéláé. Bí fídíò bá parí ní ààrin ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ, kí a lọ wo ìkànnì náà fúnra rẹ̀, lábẹ́ "Live", bóyá ìdajì kejì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fídíò ọ̀tọ̀. Ní tèmi, ibi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, kí wọ́n pa "Auto-stop", kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ "End stream".

Ìṣẹ́jú márùn-ún tí iná fi lọ yẹn kò ní sí nínú fídíò, bó ti wù kí a dúró pẹ́ tó. Ohun tí YouTube ò rí gbà kò lè tò ó pọ̀.

Wákàtí méjìlá ni òdiwọ̀n mìíràn tó yẹ kí àwọn tó ń ṣe ìṣọ́ òru àti àpéjọ ọlọ́jọ́ púpọ̀ mọ̀. YouTube ń tọ́jú láìfù tí kò bá tó wákàtí méjìlá fúnra rẹ̀. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ìdánilójú tán: ó lè má sí fídíò rárá, tàbí kó jẹ́ apá kan nìkan ni a ó rí. Mo mọ ìjọ kan tó tan láìfù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí wọn ò sì pa á títí di ọ̀sán Sátidé, torí wọn ò fẹ́ kí líǹkì yí padà mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Líǹkì ò yí padà lóòótọ́. Kí wọ́n ti pín in sí méjì láàárín òru, níbi tí wọ́n ti sinmi láti mu omi, ìbá sàn fún wọn.

Nípa orin, ètò wa ò ṣeé ṣe láìsí orin, wàhálà sì wà níbẹ̀. Kí àlùfáà tó dé, dííjè ti ń fi àwo olórin jùjú dá àwọn èèyàn lára yá. YouTube ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Content ID, tó ní àpẹẹrẹ ohùn àwọn àwo tí àwọn tó ni wọ́n ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń fetí sí láìfù bó ṣe ń lọ, ó sì tún máa ń fetí sí fídíò lẹ́yìn tí ètò bá parí. Nítorí náà ètò lè lọ geere láìsí ìdíwọ́, kí fídíò rẹ̀ wá há síbẹ̀. Ohun tí ẹni tó ni àwo bá fẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á ní kí fídíò máa lọ ṣùgbọ́n kí owó ìpolówó tó bá wọlé jẹ́ tàwọn. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n dí i pa ní àwọn orílẹ̀-èdè kan tàbí níbi gbogbo. Bí fídíò bá ń ṣí fún yín n'Íbàdàn tí kò ṣí fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n rí i pé kò sí ní orílẹ̀-èdè wọn, ọ̀rọ̀ orin ló ṣeé ṣe kó jẹ́, dídúró ò sì lè tú u sílẹ̀. Onífídíò ni yóò wọ YouTube Studio lọ, tí yóò wo ibi tí wọ́n kọ "Copyright" sí níwájú fídíò náà, níbi tí wọn á ti fi ìṣẹ́jú gan-an tí orin náà wà hàn án. Ó lè yan "Mute song" kí wọ́n pa ohùn orin náà, tàbí "Trim out segment" kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún un ṣe, ìyẹn náà á sì gba àkókò tirẹ̀.

Gígé yìí gan-an tún ní ìnira mìíràn tí ẹbí kì í rò tẹ́lẹ̀. Ká ní onífídíò fẹ́ gé ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń sọ "ẹ̀yin tẹ ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀. YouTube gbà á láyè bí fídíò náà kò bá kọjá wákàtí mẹ́fà, tiwa yìí sì jẹ́ wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Yóò gé e, yóò fi pamọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Títí wọ́n á fi parí, èyí tí a kò tíì gé ni àwọn èèyàn á ṣì máa rí. Ẹni tó bá wò ó nígbà náà á rò pé onífídíò ò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí gígé bá ti ṣẹ, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfù, tí YouTube ń pè ní "Live chat replay", á pòórá. Níbi ìsìnkú, ibẹ̀ ni ìbánikẹ́dùn wà: orúkọ àwọn tó wò ó láti ìlú òkèèrè, àdúrà wọn, ohun tí wọ́n rántí nípa olóògbé. Kí ẹbí kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ lójú fóònù kí wọ́n tó ní kí onífídíò gé ohunkóhun.

Nígbà mìíràn sì rèé, ẹbí fúnra wọn ló ní kí fídíò má tíì jáde. Onífídíò lè ti sọ ọ́ di "Private" kó lè ṣàtúnṣe rẹ̀, tàbí kó ti yàn án tẹ́lẹ̀ pé kí ó di "Unlisted" bí láìfù bá ti parí. "Unlisted" ṣì ń ṣí fún ẹni tó bá ní líǹkì lọ́wọ́, kò kàn ní hàn lórí ìkànnì ni. "Private" kò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ni ìkànnì àti àwọn tó bá pè, ó sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé "This video is private". Kò nílò kí a máa dúró de ìyẹn. Ẹ bi onífídíò.

Lórí Facebook, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà ní ọdún 2025. Láti ọjọ́ 19 Oṣù Kejì ọdún náà, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni fídíò láìfù tuntun ń gbé níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á pa á rẹ́. Àwọn tó fi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó sórí Facebook nìkan gbọ́dọ̀ gbé e sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wọn kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn tó pé.

Bó bá wá di ọjọ́ kejì tí fídíò YouTube ò sì jáde, tí onífídíò sì ti rí i pé láìfù ti parí pátápátá tí kò sí ọ̀rọ̀ orin, èmi ò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n máa dúró. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ni kí wọ́n lò. Onífídíò tó mọṣẹ́ máa ń tẹ "Start Recording" nínú OBS pẹ̀lú "Start Streaming", kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa gba ètò náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi lọ á wà nínú èyí bí bátìrì kọ̀ǹpútà àti ti kámẹ́rà bá ṣì ní iná. Ó máa ń gbà á ní mkv, nítorí bí iná bá lọ lójijì, fáìlì mp4 lásán sábà máa ń bàjẹ́ pátápátá, nígbà tí mkv á ṣì ní gbogbo ohun tó ti gbà kí iná tó lọ. Lẹ́yìn ètò, "Remux Recordings" nínú OBS á sọ ọ́ di mp4 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí gbígbé e sókè á náni. Bí "Video Bitrate" bá wà ní 4500, wákàtí kan á jẹ́ bíi gígábáìtì méjì, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ á wá jẹ́ mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti mẹ́gábíìtì márùn-ún jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni yóò gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ YouTube, lẹ́yìn èyí ni títò rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi nọ́ńbà fóònù jẹ́rìí sí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, YouTube ò ní gba fídíò tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Fídíò tuntun yìí á ní líǹkì tirẹ̀. Nítorí náà, kí onífídíò má pa ti àtijọ́ rẹ́. Kí ó kọ líǹkì tuntun sínú àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí líǹkì àtijọ́ yẹn ló wà nínú gbogbo WhatsApp ẹbí, òun náà ni ọmọ tó wà ní Hiúsítìn á tún tẹ̀ bó bá jí.